Ìbéèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i lórí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi fi ọ̀sẹ̀ méjì kún àkókò iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi nínú ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn. Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún, ló yẹ kí n fi í sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Karùn-ún, ni mo ń tọrọ.

Iṣẹ́ pápá ló pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kejì la jọ fi sí pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé lẹ́nu wò, nípasẹ̀ iléeṣẹ́ tó ń bá wọn wá ilé àti iṣẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní àfi kí òun ka gbogbo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kí òun tó jẹ́ kí n rí ẹnikẹ́ni. Mi ò bínú sí i, torí ààbò àwọn èèyàn yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni lẹ́tà àṣẹ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ti lọ. Láàárín ìgbà yẹn ni mo parí orí kìíní dé ìkẹta tí ẹ ti kà.

Nínú èèyàn 12 tí a ṣètò, mo ti bá mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀. Mẹ́ta ló kù: ọ̀kan lọ́la, méjì lọ́jọ́rú, 30 oṣù Kẹrin.

Mà, ká ní kíkọ nìkan ló kù ni, ǹ kì bá tí yọ yín lẹ́nu, ǹ bá fi òru kún ọ̀sán. Fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tí wọ́n buwọ́ lù ló dè mí lọ́wọ́. A ṣèlérí níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14. Fún àwọn méjì tó kẹ́yìn, ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún nìyẹn, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kẹrin tí mo bá sọ̀rọ̀ fi ìka tọ ìlà yẹn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí pé, "Tí mo bá pè yín lọ́jọ́ kẹtàlá ńkọ́?" Mo ní màá yọ ọ́. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gba bírò lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀. Mi ò lè yẹ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Mo ti rò ó bóyá kí n fi mọ mẹ́sàn-án. Ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn mẹ́ta yìí gan-an ni kò níṣẹ́ gidi, tí wọn kò sì ní ọkọ tàbí aya, síbẹ̀ ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ìwà ọ̀daràn. Iṣẹ́ àti ìgbéyàwó ni Sampson àti Laub gbára lé jù láti ṣàlàyé ìjáwọ́. Àwọn olùwádìí méjèèjì yìí náà ní àkọsílẹ̀ ọmọkùnrin 500 tó ti hùwà ọ̀daràn lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n tún wá 52 nínú wọn rí nígbà tí wọ́n ti dàgbà, kí wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Tí mo bá yọ àwọn mẹ́ta yìí, ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni orí kẹrin mi yóò kàn tún sọ.

Mo ti fi lẹ́tà àṣẹ, ìwé ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí àti ìdajì orí kẹrin mọ́ ìwé yìí, kí ẹ lè rí ibi tí iṣẹ́ dé. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ni màá parí títẹ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tó kù. Màá máa ṣètúpalẹ̀ rẹ̀ lọ, àmọ́ mi ò ní fa ọ̀rọ̀ wọn yọ sínú iṣẹ́ náà kí ọjọ́ 14 tó kọjá.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni òfin ẹ̀ka wa gbà, 16 oṣù Karùn-ún, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, màá sì gbìyànjú. Èyí tó bá ṣáájú 14 nìkan ni apá mi kò ká. Bí fọ́ọ̀mù kan bá wà tí mo ní láti kún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, màá mú un wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́bọ̀.

Ẹ ṣeun, mà.

Ọmọ iṣẹ́ yín,
Bùsáyọ̀