Ẹ̀bẹ̀ Fún Àtúnṣe Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ní Abúlé Ìdí-Igbá

Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Àgbẹ̀,
Abúlé Ìdí-Igbá, lẹ́bàá Ìgbàjà,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn,
Ìpínlẹ̀ Kwárà.

Ọjọ́ 9, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Alákòóso Àgbà,
Ọ́fíìsì Ìtọ́jú Oníbàárà,
Ìlọrin.

Alàgbà ọ̀wọ́n,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ TÍ KÒ DÁRA NÍ ABÚLÉ ÌDÍ-IGBÁ

Èmi ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí. Àwa 63 la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu là ń gbìn, a sì ní ilé ìyangàárì kan tí a jọ dáwó kọ́. Ìpàdé wa ti ọjọ́ 5 oṣù yìí ló pa á láṣẹ pé kí n kọ̀wé sí yín. Ó ti tó ìgbà mẹ́fà tí a ti pe nọ́ńbà 300 lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Gbogbo ìgbà tí a bá pè ni wọ́n ń fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé pé a ti yanjú ẹ̀sùn náà, bẹ́ẹ̀ a kò rí ẹnikẹ́ni kó wá wo ohunkóhun. Ìwé ló kù tí a kò tíì gbìyànjú.

Kí ó má baà dà bíi pé à ń sọ àsọdùn, akọ̀wé wa, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, fi ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan ṣe àkọsílẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní aago 7 òwúrọ̀, aago 1 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́, ló ń dúró sí ojú kan náà níwájú ilé ìyangàárì, tí ó ń fi fóònù kan náà pe èmi tàbí akápò. Nínú 20 ọjọ́ yẹn, ìpè wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ 13, ó wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ 9, ní alẹ́, ọjọ́ 2 péré ni. Ní ti dátà, ó fi lẹ́tà "E" sí ọ̀pọ̀ ojú ìwé náà, nítorí pé lẹ́tà yẹn nìkan ló máa ń yọ lójú fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tilẹ̀ wà. Ẹ̀dà ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rèé nínú àpòòwé yìí.

A kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ibì kan á mọ ibi tí òjò ti ń wọlé. Lójú tiwa, ìṣòro méjì ló wà nílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni pé òkè kan wà láàárín wa àti òpó ìbánisọ̀rọ̀ yín tó wà lójú ọ̀nà Ìgbàjà, abúlé wa sì wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn òkè náà. Ẹni tó bá gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ yóò rí ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta, bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀, "No Service" ni yóò bá a délé. Èkejì ni ti alẹ́. Ní alẹ́, àwọn tó ń gbé nítòsí òpó náà pàápàá kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn ọmọ wa tó ń gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀ sì ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ kì í dún mọ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Èyí mú kí a rò pé díísù tàbí bátìrì ni kì í tó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè rárá.

Ohun tí èyí ń ṣe sí ìṣòwò wa ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ní ọjọ́ ọjà kan nínú oṣù Ògún, oníbàárà kan wá láti Ìlọrin láti ra 14 àpò gàárì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa. Ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, títí ó fi sọ pé owó ti kúrò ní àkáǹtì òun. Aláàtì kò dé sórí fóònù ìyá. Wọ́n ti di àpò mẹ́sàn-án sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, dírẹ́bà ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó sáré gun àpáta lọ, ọmọ lọ, ó bọ̀, kò sí nǹkan kan. Níkẹyìn, wọ́n já àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni aláàtì tó wọlé, ọjọ́ yẹn náà ni oníbàárà ń pè pé kí a dá owó òun padà torí òun ti ra gàárì níbòmíì. Kò purọ́, ìyá náà kò sì ṣe ohun tó burú, ṣùgbọ́n oníbàárà yẹn kò tíì padà wá títí di òní. Àwọn ọmọ tó ń ṣe Pí-Ó-Ẹ́ẹ̀sì méjèèjì tó wà lábúlé ti kó lọ sí Ìgbàjà.

N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn lórí ti ètò ààbò àti ìlera. Àwọn ọdẹ wa ń ṣọ́ oko lóru, àkókò tí wọ́n nílò fóònù jù lọ gan-an ni kì í ṣiṣẹ́. Aláboyún tí ọmọ bá ń mú ní òru, ọ̀kadà la fi ń lọ pe nọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín pé kí ẹ rán ẹnjiníà wá sí abúlé fúnra rẹ̀, kó má dúró sí ìdí òpó, kó wá fi ẹ̀rọ wọn agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín àwọn ilé, pàápàá lẹ́yìn aago 7 alẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ iná òpó yẹn ṣe, nítorí a gbà pé ìyẹn kò ní pẹ́. Sólà àti bátìrì tuntun lè mú un kúrò lọ́wọ́ díísù tí kì í dé lásìkò. Ní ti òkè, a mọ̀ pé òpó kékeré ló lè yanjú rẹ̀. Ẹbí tó ni ilẹ̀ orí àpáta náà ti gbà láti yọ̀ǹda rẹ̀, Baálẹ̀ sì ti fọwọ́ sí ìwé, tí ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin ni ẹ ó mọ iye tí ẹ óò máa san fún wọn lọ́dún. A kò ní fi ìyẹn dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

A mọ̀ pé ẹ lè sọ pé èrò abúlé wa kò pọ̀ tó láti dá owó òpó padà. A ka síìmù yín tó wà lọ́wọ́ wa láti ilé dé ilé, 412 ni, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Owó ìpè àti dátà tí ìjọba gbà láàyè ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí pé kí ẹ fi kún títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, àwa náà ń san án, dátà ọlọ́jọ́ méje sì ń kú sórí fóònù wa láìlò. Bí owó bá tilẹ̀ jẹ́ ìṣòro, òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 dá àpò owó àkànṣe kan sílẹ̀ nítorí irú àwọn agbègbè àrọ́ko báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ bèèrè nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ wa yóò kọ ìwé ẹ̀rí tí ẹ bá nílò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé dá wa lóhùn kí ọjọ́ 10 oṣù Bélú tó pé, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹnjiníà yóò wá. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ìgbà náà, a óò gbé ẹ̀sùn yìí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ akọ̀wé wa, lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ Ẹn-Sí-Sí lórí nọ́ńbà 622. A kò kọ èyí láti fi halẹ̀ mọ́ yín. Ẹ má ṣe pè wá lórí fóònù láti sọ pé ẹ ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kó má wọlé. Ẹ fi ìwé rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ní ọjà Ìgbàjà, ọ̀dọ̀ mi ni yóò mú un dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Alága Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù,
ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀dà sí: Baálẹ̀ Ìdí-Igbá.