Ètò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Díríbù fún Àwọn Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Bọ́ọ̀lù

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Eré Ìdárayá
Kíláàsì: Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kẹrin, ọmọ 36, ọdún 8 sí 10
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40, àárọ̀ Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú
Ohun èlò: Bọ́ọ̀lù 12, nọ́ńbà 4 (nọ́ńbà 5 ti tóbi jù fún wọn), ike omi 48 tí a rọ yanrìn sí, fèrè

Èròńgbà: Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè:
1. fọwọ́ kan ibi mẹ́ta lára ẹsẹ̀ tí a fi ń díríbù: ẹ̀gbẹ́ inú, ẹ̀gbẹ́ ìta àti orí ẹsẹ̀;
2. díríbù gba àárín ike 4 kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, láì wó ju ike 1 lọ;
3. gbójú sókè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ìrìn náà, kí ó sọ iye ìka tí olùkọ́ nà sókè.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: Wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù dúró.

Ìfáàrà (ìṣẹ́jú 6): Kí wọ́n sá eré jẹ́jẹ́ yí pápá ká, kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà onírin tàbí oníṣóńṣó, kí ó bọ́ ọ. Màá sọ fún wọn nípa Jay-Jay Okocha, bó ṣe gé aṣọ́lé Oliver Kahn síhìn-ín sọ́hùn-ún ní Jámánì lọ́dún 1993 kí ó tó gbá a sílé.

Ìgbésẹ̀ 1 (ìṣẹ́jú 8): Ọmọ mẹ́ta sí bọ́ọ̀lù kan. Wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ní ìrìn lásán, mítà 10 lọ, mítà 10 bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2 (ìṣẹ́jú 12): Ibí ni ẹ̀kọ́ wà. Ike mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mítà 2 síra wọn. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ jìnnà ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò á fẹ́ fi ṣóńṣó ìka tì í. Kí n tètè dá wọn dúró, kí n sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń lo ọ̀tún nìkan, kí ó fi òsì nìkan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ìdíje eré sísá. Ní táàmù tó kọjá tí mo fi í sí i, ńṣe ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú tí wọ́n ń lé e, kò sì sẹ́ni tó kọ́ díríbù.

Ìgbésẹ̀ 3 (ìṣẹ́jú 8): Ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n màá dúró lópin ìlà, màá máa na ìka sókè. Wọ́n á pariwo iye rẹ̀.

Ìgbéléwọ̀n (ìṣẹ́jú 6): Ọmọ 12 lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú 2 fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń dúró á ka ike tó wó fún ẹni tó ń díríbù. Ẹni tó bá wó ju ọ̀kan lọ, màá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kan bọ́ọ̀lù nígbà 20 lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀lù alákìísà náà dára.