Ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn: gíráàfù ni kó gba àkókò jù

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni ìdánwò. Áréè, sítáàkì àti igi ti yé ọ dáadáa, torí náà gíráàfù la máa fún ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́.

Ajé: Ya gíráàfù yìí sórí bébà, kí o sì tún un kọ bíi mátíríìsì. Má tíì kọ kóòdù kankan.

```
G = {"A": ["B", "C"], "B": ["D"],
     "C": ["D"], "D": []}
```

Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú: BFS àti DFS. Ibí lo ti máa ń ṣìnà, torí náà má kánjú rárá. Láti A, bí o bá tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò ó, BFS á fún ọ ní A, B, C, D. DFS á fún ọ ní A, B, D, C. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tó wà nínú kíù tàbí sítáàkì sílẹ̀. Nínú BFS, sàmì sí kókó gbàrà tí o bá ti fi í sínú kíù. Bí o bá dúró dìgbà tí o máa yọ ọ́, D á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. O(V + E) ni àwọn méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀: Dijkstra. Má lò ó níbi tí ìwọ̀n ìlà kan bá ti kéré sí òdo.

Ẹtì: Híìpù àti tébù háàṣì, wákàtí méjì péré.

Àbámẹ́ta: Ìbéèrè ọdún tó kọjá, pẹ̀lú aago, láìṣí ìwé.

Àìkú: Tún èyí tí o kùnà ṣe, pàápàá ti gíráàfù. Sùn kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù.