Ìtumọ̀ Abala Kẹta Ìwé Tẹ́ńdà: Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Gbẹ́ Bohóòlù

Àlàájì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Abala tí ẹ ní kí n túmọ̀ nìyí. Ibi tí mo bá ti kọ "gbọ́dọ̀", bí ẹ̀rọ yín kò bá bá a mu, wọn ò ní wo yín lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo bá kọ "ó sàn kó", máàkì ló fi ń kún. Ọ̀rọ̀ tèmi wà lábẹ́ "Ògbufọ̀".

3.1 Ríìgì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, orí ọkọ̀ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá ni kó wà, kó sì máa lo dísù.

3.2 Ó gbọ́dọ̀ lè gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 165, kó jìn dé mítà 150, nínú iyanrìn àti amọ̀ pẹ̀lú omi ẹrẹ̀, àti nínú àpáta pẹ̀lú hámà alátẹ́gùn.

Ògbufọ̀: Ẹ má fojú fo "àti" yẹn o. Iyanrìn àti amọ̀ lẹ máa bá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ kejì, Àgọ́-Ìwòyè, orí àpáta ló wà. Ríìgì tó mọ ẹrẹ̀ nìkan kò lè wọlé.

3.3 Agbára tó fi ń fa páìpù sókè gbọ́dọ̀ tó tọ́ọ̀nù 10.

3.4 Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ dé báà 20, kó sì tú mítà oníkúbù 21 jáde ní ìṣẹ́jú kan.

Ògbufọ̀: Ibí ni mo ti pẹ́ jù. Nǹkan méjì ni wọ́n ń béèrè. Báà ni bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, òun ló ń mú hámà lu àpáta. Mítà oníkúbù ni iye rẹ̀, òun ló ń gbá ẹrúpẹ̀ òkúta jáde kúrò nínú ihò. Èyí tó wà ní yáàdì yín ní Ìpẹ̀rù, 150 ló parí sí lójú aago rẹ̀, pí-ẹ́ẹ̀sì-áì ni. Báà 10 péré nìyẹn. Báà 20 jẹ́ 290. Ìdajì ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni tébù tó wà lẹ́yìn ìwé kọ báà 24, tí abala yìí kọ báà 20. Ẹ kọ̀wé bi wọ́n kí ọjọ́ ìbéèrè tó kọjá, kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn. Ti ẹnu kò wúlò.

3.5 Páìpù 55, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 3, fífẹ̀ rẹ̀ mìlímítà 89.

Ògbufọ̀: Íńṣì mẹ́ta ààbọ̀ tí ẹ mọ̀ náà ni. Àádọ́ta ló máa dé mítà 150, márùn-ún jẹ́ ìpamọ́.

3.6 Hámà íńṣì 6 kan, àti bíìtì mẹ́ta. Ó sàn kó jẹ́ pé a lè rí spéà rẹ̀ rà ní Nàìjíríà.

3.7 Àmì ẹ̀rọ tí a dárúkọ, "tàbí èyí tó bá a dọ́gba".

Ògbufọ̀: Ẹ lè mú àmì mìíràn wá, ṣùgbọ́n ẹ so ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é mọ́ ọn.

3.8 Ọjọ́ 90 lẹ́yìn ìbuwọ́lù ni kó délẹ̀. Wáráńtì oṣù 12.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi dájọ́, Àlàájì. Kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọṣẹ́ lè yẹ ẹ̀rọ wò ni èyí wà fún, ẹ má fi í sínú àpòòwé tẹ́ńdà.