Ìwé Ìfitónilétí: A Fẹ́ Wọ Ilé Yín ní Ọjọ́bọ̀ Nítorí Omi Tó Ń Jò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ọdún 2025

Sí Ìyá Ìbejì, ayálégbé òkè, ọwọ́ ọ̀tún

Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń jò sí àjà àwọn ará ìsàlẹ̀ ló mú mi kọ ìwé yìí. Lánàá ni wọ́n pè mí wá wò ó. Àjà balùwẹ̀ wọn ti dúdú, ó ti wú, omi sì ń kán tó, tó, tó sínú korobá tí wọ́n gbé síbẹ̀. Balùwẹ̀ tiyín ló wà lókè ibẹ̀ gan-an. Mi ò sọ pé ẹ̀bi yín ni o. Páìpù tó wà lábẹ́ táìlì, ta ló ń rí i? Ó lè ti máa jò tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n a ò lè mọ orísun omi náà láìwọ ilé yín.

Nítorí náà, èmi àti púlọ́ńbà fẹ́ wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 oṣù yìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìwé àdéhùn wa ní kí n sọ fún yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó kéré tán. Mo fi ọjọ́ kan lé e kí ẹ lè ráyè palẹ̀ mọ́. Mo rò pé a ó ti ṣe tán kí aago kan ọ̀sán tó lù. Bó bá wá di pé a ní láti fọ́ táìlì, iṣẹ́ náà ò ní parí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní tàn yín. A ó jọ mú ọjọ́ mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó fi òòlù kan ilẹ̀.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ sọ pé omi náà máa ń pọ̀ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ìyẹn àsìkò tí èèyàn ń wẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi wà lára páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde, nítorí ìgbà tí a bá da omi sílẹ̀ nìkan nìyẹn máa ń jò. Èyí tó ń gbé omi wọlé kì í sinmi bó bá ti lu, tọ̀sán-tòru ni. Púlọ́ńbà á da omi tí a pò mọ́ aró sí ilẹ̀ balùwẹ̀, a ó sì wò ó bóyá àwọ̀ náà á yọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí a ti gbogbo ẹ̀rọ omi, kó wo mítà. Bí mítà bá ṣì ń yí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti omi ìdọ̀tí nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iná wà lára àjà tó rin yẹn. Mo ti ní kí wọ́n má tan án, àmọ́ omi àti iná kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, níbi tí fáàfù omi wà, nìkan la máa wọ̀. A ò ní í dé yàrá yín. Ẹ bá wa kó ohun tó wà nílẹ̀ balùwẹ̀ àti lábẹ́ bésìnì kúrò, kí ẹ sì pọn omi díẹ̀ pa mọ́, torí a ó ti omi ilé yín fún wákàtí kan tàbí méjì. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ má fọ aṣọ níbẹ̀, mà.

Mo rántí ìgbà tí púlọ́ńbà àkọ́kọ́ kó ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin wá, tí wọ́n fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ gbogbo pálọ̀ yín mọ́lẹ̀. Ẹ bínú, ẹ sì jàre. Ẹlòmíràn ni eléyìí, ọmọ iṣẹ́ kan ló ń mú bọ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa bọ́ bàtà sí. Owó iṣẹ́ náà, onílé ló máa san án.

Bí ẹ ò bá ní í sí nílé, ẹ fi àgbàlagbà kan tí ẹ fọkàn tán síbẹ̀. Bí Ọjọ́bọ̀ ò bá sì rọ̀ yín lọ́rùn, a lè wá ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, ní aago kan náà. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní í fi ṣílẹ̀kùn láìgba àṣẹ yín, àfi bí páìpù bá bẹ́ tàbí iná bá ṣẹ́yọ.

Ẹ fún mi lésì kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú. Ẹ lè pè mí, ẹ sì lè fi ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi.

Èmi ni tiyín,
Aṣojú onílé