Ihò Kẹjọ

Kí n tó kúrò nílé láàárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Mo ti bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀, mo ti bá agbowó-orí fa ọ̀rọ̀, ọkàn mi ò sì já rí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé ẹnu géètì pápá gọ́ọ̀fù, tí mo rí àwọn ènìyàn tó wọ fìlà funfun, tí wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé mi.

Mátírọ́ọ̀nù ló fà mí débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra léèsì. Dókítà ti ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ti wí àwáwí títí ó fi tán lẹ́nu mi. Ni Mátírọ́ọ̀nù bá ní, "Ìyá Bọ̀lá, rírìn lásán ló ń sú ọ. Wá bá mi gbá gọ́ọ̀fù." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ ní ibi ìdánrawò, èmi àti igi tí a fi ń gbá a àti apẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, tí kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ọjọ́ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbá a lójú ènìyàn. Ihò mẹ́sàn-án péré ni a máa gbá, ìdajì méjìdínlógún tí wọ́n ń gbá tó bá pé.

Àwa mẹ́ta la jọ ń lọ: èmi, Mátírọ́ọ̀nù, àti bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Kámọ́rù ni ọmọkùnrin tó gbé báàgì mi. Kádì ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ó tínínrín, ó sì ní sùúrù tó ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí mo ti rí lọ.

"Mọ́mì, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ má fòyà, ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà, kò ní sá."

Ihò kìíní gùn tó yáàdì ọ̀ọ́dúnrún lé lógójì. Mo gbọ́ yáàdì, inú mi rọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yáàdì kì í ṣe àjèjì sí mi. Lára pátákó tó wà níbẹ̀, wọ́n kọ "Páà 4".

"Kámọ́rù, kí ni páà yìí?"

"Iye ìgbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù kó tó kó sí ihò ni, Mọ́mì. Wọ́n máa ń fi méjì pamọ́ nínú rẹ̀ fún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ìtòsí ihò, tí ẹ kàn ń rọra tì í. Páà 4 túmọ̀ sí pé ẹ gbá a lẹ́ẹ̀mejì débẹ̀, ẹ tì í lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé. Páà 3 wà fún ihò tó kúrú, páà 5 fún èyí tó gùn."

Mo ronú sí i. Tí obìnrin bá wá rán ìró àti bùbá, yáàdì márùn-ún ni mo máa ń gé fún un. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo ọjà mọ̀ pé márùn-ún ló tó. Páà nìyẹn. Ó kàn jẹ́ iye tó tó.

Ṣùgbọ́n mímọ iye tó tó kò sọ pé aṣọ á tó o. Mo dúró, mo di igi mú, mo ju ọwọ́ sókè, mo fi gbogbo agbára mi gbá a. Afẹ́fẹ́ ni mo gbá. Bọ́ọ̀lù náà jókòó síbi tó wà, ó ń wò mí.

"Ọ̀kan nìyẹn," Kámọ́rù wí.

"N kò tíì gbá a!"

"Ẹ ní i lọ́kàn láti gbá a, Mọ́mì. Wọ́n á kà á."

Ojú tì mí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ti ń dúró lẹ́yìn wa. Mo tún gbá a, ó yí gbirigbiri bí ọsàn tó bọ́ lórí àtẹ, kò lọ ju ogún yáàdì. Nígbà tí mo fi máa dé òpin, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti gbá a. Márùn-ún lé lórí páà. Mátírọ́ọ̀nù kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú.

Ó yẹ kí n sọ bí ibi ihò ṣe rí, nítorí ẹni tó bá ń wo gọ́ọ̀fù nínú tẹlifíṣọ̀n kò ní mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀, koríko tútù ló máa ń yí ihò ká. Lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, iyanrìn ni, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì títí ó fi dúdú, tó sì dán bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa. Bùráùn ni wọ́n ń pè é. Kí ẹ tó ti bọ́ọ̀lù, kádì á fa pátákó kan kọjá láti ibi bọ́ọ̀lù dé ibi ihò, gbogbo ojú ẹsẹ̀ á parẹ́, ọ̀nà kan á sì là gbọọrọ. Mo fẹ́ràn ìlà yẹn láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Ó dà bí ìlà ṣọ́ọ̀kì tí mo máa ń fà sára aṣọ kí n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

Ní ihò kejì, páà 3, Mátírọ́ọ̀nù gbá a lẹ́ẹ̀mẹta géérégé. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ní ihò kẹta, páà 5, Ẹnjiníà gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin ó wọlé, ni gbogbo wọn bá hó yèè.

"Bọ́ọ̀dì nìyẹn!" Kámọ́rù wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ló fi dín sí páà. Tí ó bá jẹ́ méjì ló fi dín, idì là ń pè é."

Ẹnjiníà, tí inú wọn ń dùn, wá ṣàlàyé pé Amẹ́ríkà ni orúkọ náà ti wá. Láyé àtijọ́, tí nǹkan bá dára gan-an lójú wọn níbẹ̀, ẹyẹ ni wọ́n máa ń pè é, bọ́ọ̀dì sì ni ẹyẹ kékeré lẹ́nu wọn. Ó wọ̀ mí lára. Aránṣọ tó mọṣẹ́ máa ń yọ ìró àti bùbá nínú yáàdì mẹ́rin, ọ̀kan á sì ṣẹ́ kù. Ẹni tó ni aṣọ á fi ìyẹn rán nǹkan fún ọmọ rẹ̀. Mo mọ ayọ̀ yẹn.

Èmi ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo gbá ihò kẹta. Ní ìkẹrin, mẹ́jọ. Ní ìkarùn-ún, méje. Ẹnu mi ti gbẹ. Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti mu omi, mo ní kí Mátírọ́ọ̀nù jẹ́ kí n padà sílé, mò ń dá wọn dúró.

Wọn ò dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ohun tí bógì jẹ́.

Mo ní mi ò mọ̀.

"Iwin ni," wọ́n ní. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. "Òótọ́ ni mò ń sọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1890, orin kan gbòde nípa iwin tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé, Bógì lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù nígbà yẹn ti ní iye kan tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá lé ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan kò rí iye yẹn bá, ó ní àṣé Bógì lòun ń bá díje, ẹni tí a kò lè rí mú. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, páà gba ipò yẹn, wọ́n sì fi bógì sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lé páà. Ihò páà 4, tó o bá gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún, bógì. Mẹ́fà, bógì méjì."

Wọ́n dé ìgò omi wọn.

"Ọdún àkọ́kọ́ mi, Ìyá Bọ̀lá, mi ò wá páà rárá. Iwin yẹn ni mò ń wá."

Mo wo Kámọ́rù. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ihò kẹfà, mẹ́sàn-án. Ìkeje, méje. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí padà nínú mi, torí pé mo ti mọ ohun tí mò ń lé. Ihò kẹjọ jẹ́ páà 3, yáàdì márùndínlọ́gọ́fà, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Kámọ́rù fa igi onírin tí wọ́n kọ 7 sí lára jáde fún mi.

"Mọ́mì, ọwọ́ yín le jù. Kí lẹ máa ń fi gé léèsì ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Sísọ́ọ̀sì ńlá."

"Ṣé bí ẹ ṣe ń di igi yìí mú lẹ ṣe ń dì í mú?"

Mo wo ọwọ́ mi. Egungun ìka ti funfun. Tí mo bá di sísọ́ọ̀sì mú báyẹn lórí léèsì olówó iyebíye, ọ̀nà á wọ́, owó oníbàárà á sì ti wọgbó. Ẹni tó ń gé léèsì kì í fún sísọ́ọ̀sì pa, ó kàn ń jẹ́ kó máa lọ ni. Mo dẹ ọwọ́, ó kù díẹ̀ kí igi náà bọ́. Kámọ́rù ní, "Ó tó, ẹ dúró síbẹ̀."

Mo gbá a. N kò gbọ́ ariwo irin tí mo ti ń gbọ́ láti àárọ̀. Ohùn kékeré kan báyìí ni, pọ́. Bọ́ọ̀lù náà gòkè, ó ga ju igi gmẹ̀línà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sì ń wò ó tí ẹnu mi là sílẹ̀. Ó bọ́ sórí koríko, ó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kó dé bùráùn.

"Ẹ̀kejì," Kámọ́rù wí jẹ́jẹ́. Mo rọra gbá a, ó gun orí iyanrìn, ó dúró ní ọ̀nà jíjìn tó gùn tó ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tí a tò síra.

Kámọ́rù fa pátákó kọjá. Ìlà náà là gbọọrọ lójú mi. Mo ti bọ́ọ̀lù, ó gba orí ìlà lọ, ó lọ, ó lọ, ó dúró létí ihò. Mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ohun tó kù. Bó bá wọlé ni, páà ni. Ẹnjiníà mí kanlẹ̀ bí ẹni pé tiwọn ni.

Mo tì í. Ó wọlé, ó dún kooro ní ìsàlẹ̀ ife tó wà nínú ihò.

"Mẹ́rin," mo wí. Mo tún un kà lórí ìka. "Mẹ́rin lórí páà 3. Kámọ́rù, ṣé òun nìyẹn?"

"Òun nìyẹn, Mọ́mì. Bógì."

Mátírọ́ọ̀nù gbá mi mọ́ra láàárín bùráùn níbẹ̀, wọ́n sì fi bàtà ba gbogbo ìlà tí Kámọ́rù fà jẹ́.

Ihò kẹsàn-án, mo gbá méje, n kò sì bìkítà. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, páà ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Nígbà tí a jókòó, Kámọ́rù mú káàdì mi, ó fi bírò fa àpótí kékeré kan yí 4 tó wà lábẹ́ ihò kẹjọ ká. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sàmì sí bógì nìyẹn, pé tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dì ni, róbótó ni wọ́n máa ń fà yí i ká.

Mo ká káàdì náà sínú pọ́ọ̀sì mi, láàárín àwọn rìsíìtì. Lọ́jọ́ Túsìdeé, mò ń gé yáàdì márùn-ún fún ìyàwó kan tó fẹ́ lọ síbi ìkómọ, fóònù mi dún. Mátírọ́ọ̀nù ni.

"Ìyá Bọ̀lá, Sátidé, aago méje?"

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́fà ààbọ̀, mà," mo ní. "Kí ẹ sì bá mi sọ fún Kámọ́rù kó má gbé báàgì ẹlòmíràn."