Lẹ́tà sí Kọngílá Lórí Iṣẹ́ Balùwẹ̀ Òkè

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
9 oṣù Okúdù, 2025.

Ọ̀gá Kọngílá,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pè yín lórí fóònù, "Mò ń bọ̀ lọ́la" lẹ sì ń wí ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ balùwẹ̀ òkè tí ẹ parí ní 18 oṣù Ìgbé kò dára. ₦1,450,000 la jọ fẹnu kò sí, mo sì san án pé. Ìwé ìṣirò tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ wà lọ́wọ́ mi.

Omi kì í lọ sójú ihò, ẹnu ọ̀nà ló ń dà sí. Bí ẹnì kan bá wẹ̀ láàárọ̀, omi á dá síbẹ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, màmá mi tó ti lé lọ́dún 75 yọ̀ níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n dì mú. Àyà mi ṣì ń já.

Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí lu táìsì ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú 40, mẹ́tàdínlógún ló ń dún bí igbá òfìfo. Bíríkìlà mìíràn ṣí ọ̀kan lójú mi: ìṣù sìmẹ́ǹtì márùn-ún péré ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni da àkàrà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ìyókù. Kò sí oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀ níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ gba ₦95,000 lórí rẹ̀. Omi ti wá ń jò sí àjà ilé ìdáná nísàlẹ̀, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lókè sítóòfù. Mo ti ya fọ́tò gbogbo rẹ̀.

Táìsì ara ògiri dára, mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn ọmọ yín. Ilẹ̀ ni wọ́n bàjẹ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ hú ilẹ̀ náà, kí ẹ fi oògùn sí i, kí ẹ tún un tẹ́ kó dà sójú ihò, kí ẹ sì tún páìpù àti àjà ìsàlẹ̀ ṣe, láìgba kọ́bọ̀ kún un, kó tó di 30 oṣù Okúdù. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ dá ₦340,000 padà sí àkáǹtì mi lọ́jọ́ náà: ilẹ̀ ₦150,000, oògùn ₦95,000, páìpù ₦35,000, àjà ₦60,000.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fún mi ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe tàbí apá kan owó mi. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ibùdó ìlàjà Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé e lọ. Mi ò fẹ́ kó débẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé àbúrò mi, ó sì dúró dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá wò ó fún mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù yìí.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì